Ìṣẹ́jú Kan Ààbọ̀ Níwájú Olówó

Tòmátì tó ti pọ́n kì í pẹ́ lórí àtẹ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń rọ̀, omi ti ń jò lára rẹ̀, ìyá ọlọ́jà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọ̀pọ̀ kó má baà dà á nù. Ìṣòro yìí ni Nnaemeka Ikegwuonu dojú kọ tó fi dá ColdHubs sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Imo: yàrá òtútù tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú ọjà gan-an. Ká ní okòwò tuntun kan tó fara jọ ọ́ fẹ́ fi fídíò oníṣẹ́jú kan ààbọ̀ wá owó, báwo ni wọ́n á ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ìṣẹ́jú àáyá 90 ni gbogbo rẹ̀. Ogún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìṣòro, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ìṣòro náà sì bá. Ká rí ìyá ọlọ́jà tó ń ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, kó sọ iye tó pàdánù lánàá. Ẹni tó bá fi iye èèyàn tó wà ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ti fi àkókò ṣòfò.

Ìṣẹ́jú àáyá 25 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ojútùú. Ohun tí oníbàárà ń ṣe ni kí wọ́n sọ, kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ColdHubs, ọlọ́jà á kó ẹrù rẹ̀ sínú kéréètì, á sì san owó kéréètì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. 100 náírà ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn méjì ti tó.

Ìṣẹ́jú àáyá 25 míì jẹ́ ti ẹ̀rí pé ọjà ń tà. Ibí ni olùdókòwò ti ń tẹ́tí jù. “Inú àwọn èèyàn dùn sí wa” kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí 40 ọlọ́jà bá lo yàrá náà lóṣù kìíní, tí 31 nínú wọn ṣì ń sanwó lóṣù kẹta, ẹ̀rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ yàrá kan péré ni wọ́n ní.

Ogún tó kù jẹ́ ti ohun tí wọ́n ń béèrè: “Ọgbọ̀n mílíọ̀nù náírà la fẹ́, láti gbé yàrá kọ̀ọ̀kan sí ọjà Bódìjà àti Ṣáṣá, kí méjèèjì sì máa gbọ́ bùkátà ara wọn láàárín oṣù 12.”

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ìṣòro nìkan á gba ààbọ̀ fídíò, wọn á wá máa gé ọ̀rọ̀ láti ìparí, títí ìbéèrè owó á fi di “ẹ ràn wá lọ́wọ́”. Nítorí náà, ìlà ìkẹyìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi fídíò náà han ẹni tí kò mọ okòwò náà rí, kí wọ́n dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá ogún, kí wọ́n bi í pé ta ni ìyà ń jẹ. Tó bá parí, kí wọ́n bi í pé èló ni wọ́n ń béèrè, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe. Èyí tí kò bá rí dáhùn ni kí wọ́n tún kọ.