Ṣé Pákéèjì Ńlá Máa Ń Jẹ́ Kí Àwòrán Dúró Nígbà Òjò?

Lóṣù keje tó kọjá, mo lọ sílé fún ìsinmi ráńpẹ́, mo bá bàbá mi níwájú tẹlifíṣàn, inú ń bí wọn. Òjò ń rọ̀, àwòrán ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nígbà tó yá ó pòórá. Òjò gan-an kọ́ ló ń dùn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọkùnrin tó máa ń bá wọn san owó káàdì ládùúgbò ti sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé yín sókè sí pákéèjì ńlá, sígínà yín á le sí i." Wọ́n gbà, wọ́n sì fi 11,000 náírà lé owó tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni dẹ́kódà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi yíjú sí mi, tí wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, ṣàlàyé eléyìí fún mi," mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ ṣe é dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi DStv ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ìgbì tó ń gbé ìkànnì wá sí Nàìjíríà ń ti ara sátẹ́láìtì tó wà ní ìwọ̀n 36 sí ìlà oòrùn wá, láti nǹkan bíi kìlómítà 35,786 lókè orí wa. Sátẹ́láìtì yẹn kò mọ ẹni tó san Padi yàtọ̀ sí ẹni tó san Premium. Gbogbo ìkànnì pátá ló ń dà sórí gbogbo díìṣì. Àní, ìkànnì olówó gọbọi àti ìkànnì pákéèjì tó kéré jù lè jọ wà nínú ìgbì kan náà, bí èrò inú bọ́ọ̀sì kan. Bí ẹ bá wà lórí pákéèjì tó kéré jù, bọ́ọ̀lù tí ẹ ò lè wò yẹn ti wọ ilé yín, ó ti wọnú dẹ́kódà. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti tì í pa ni.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í kì í pẹ́ yí padà. Ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 10. Kọ́kọ́rọ́ tuntun máa ń bá ìkànnì náà rìn, ṣùgbọ́n inú àpótí tó ní títì tirẹ̀ ló wà, wọ́n sì kọ irú ẹ̀tọ́ tó lè ṣí i sí i lára. Káàdì inú dẹ́kódà yín ló ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ̀tọ́ yìí wà lọ́wọ́ mi? Bó bá wà, á yọ kọ́kọ́rọ́ fún dẹ́kódà, àwòrán á hàn. Bí kò bá sí, ẹ ó rí àkọlé àṣìṣe. Ohun tí à ń pè ní pákéèjì kò ju àkójọ ẹ̀tọ́ inú káàdì yìí lọ.

Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ìkànnì kò fi sọ pákéèjì fún yín. Irú ètò ni nọ́ńbà ń tọ́ka sí: ọ̀nà 200 jẹ́ ti eré ìdárayá, CNN wà ní 401 láàárín àwọn oníròyìn. Pákéèjì ní tirẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn, láti Padi sí Yanga, Confam, Compact, Compact Plus, títí dé Premium. Ohun tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ sábà máa ń wà nínú ti òkè, wọ́n á wá fi díẹ̀ kún un.

Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ ká ra ìkànnì ní ẹyọ ẹyọ? Ẹ wò ó báyìí. Ká ní bàbá kan lè san 8,000 náírà fún bọ́ọ̀lù lóṣù, ṣùgbọ́n 2,000 péré fún fíìmù. Ìyá kan lódìkejì ọ̀nà lè san 8,000 fún fíìmù, 2,000 fún bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 8,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ra ẹyọ kan, owó á jẹ́ 16,000. Bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ ní 10,000, àwọn méjèèjì á rà á, owó á di 20,000. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni pákéèjì ti ń jèrè. Ìkànnì tí àwọn èèyàn ń wá lójú méjèèjì ni wọ́n sì máa ń gbé sórí àtẹ̀gùn tó ga, kó lè fà wá gòkè.

Ní báyìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá gòkè? Ilé iṣẹ́ á fi ìwé àṣẹ tuntun ránṣẹ́ sí nọ́ńbà káàdì yín. Ẹ má rò pé fóònù ló ń gbé e wá o. Sátẹ́láìtì kan náà ló ń gbé e, pẹ̀lú ti ogunlọ́gọ̀ oníbàárà mìíràn, wọ́n á sì máa tún un fi ránṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí dẹ́kódà yín bá wà ní pípa lásìkò yẹn, ìwé àṣẹ ti kọjá lọ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ní kí a tan dẹ́kódà sílẹ̀ kí a tó sanwó. Bí ẹ bá ti sanwó tí E16 ṣì wà lójú tẹlifíṣàn, ohun tí app MyDStv ń ṣe nígbà tí ẹ bá ní kó pa àṣìṣe rẹ́ ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n tún ìwé náà fi ránṣẹ́.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀tọ́ díẹ̀ á kúrò. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá yọ wáyà dẹ́kódà, ìwé tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ò ní bá àwọn nílé. Ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́, torí pé ẹ̀tọ́ inú káàdì ní ọjọ́ tó máa parí.

Ohun tí pákéèjì kò lè yí padà ni agbára sígínà. Ìgbì tó ń bọ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 2 àti ààbọ̀, òjò ńlá sì ń mu lára rẹ̀, ó tún ń fọ́n ọn ká. Lórí DStv, E48-32 ló ń sọ pé dẹ́kódà kò rí sígínà. E16 ló ń sọ pé ẹ̀tọ́ kò sí. Bí ìkànnì kan ṣoṣo bá kọ̀ tí àwọn yòókù ń hàn geere, ẹ wo pákéèjì yín. Bí ọ̀pọ̀ bá ń já nígbà tójò ń rọ̀, díìṣì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Dẹ́kódà tí kò lè ká ètò sílẹ̀ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í ká a nítorí pé a gòkè.

Ìbéèrè tó yẹ kí bàbá mi bi ọkùnrin yẹn ni ti ọjọ́ tó kù. Bí wọ́n bá san 11,000 náírà nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 367 náírà ló ń jẹ́ lójúmọ́. Bó bá ku ọjọ́ 10 kí owó wọn tán, tí wọ́n sì gba gbogbo 11,000 náà, ó di 1,100 lójúmọ́. Ọjọ́ mélòó ló kù nígbà tí wọ́n san tiwọn? Bàbá mi rò ó, wọ́n ní, "Bíi mẹ́rìndínlógún." Mi ò ṣírò ìyẹn sókè létí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun òrùlé. Ìdè díìṣì ti tú, atẹ́gùn ti tì í díẹ̀ sí apá kan. Àbúrò mi dúró nídìí tẹlifíṣàn, ó ń ka `Signal Quality` sí mi létí lórí fóònù bí mo ṣe ń yí i díẹ̀díẹ̀, títí tí nọ́ńbà náà kò fi gòkè mọ́, mo wá fún ìdè náà pinpin. Òjò tó rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣì gba àwòrán lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Nígbà tí oṣù parí, bàbá mi padà sí pákéèjì wọn àtijọ́.