Ọ̀rọ̀ Méjì Lára Àwòrán: Ètò Ìsọ̀tàn Nínú Ọ̀wọ́ Àwòrán Ìdána Yorùbá

Ìfáàrà

Oṣù Èrèlé ọdún 2017 ni Instagram fún àwọn tó ń lò ó ní àǹfààní láti kó àwòrán mẹ́wàá pọ̀ sójú kan náà. Ní oṣù Ògún ọdún 2024, wọ́n sọ iye náà di ogún. Àwòrán kìíní nìkan ni òǹwòran máa ń kọ́kọ́ rí. Ó ní láti fi ìka fà á sí ẹ̀gbẹ́ kí èkejì tó yọjú, bẹ́ẹ̀ náà títí dé ìparí. Irú ọ̀wọ́ àwòrán àtẹ̀léra yìí ni àwọn ayàwòrán ń pè ní károsẹ́ẹ̀lì. Lóde òní, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ìgbéyàwó ti máa ń ròyìn òde tí wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń kọ sí i lè má ju méjì tàbí mẹ́ta lọ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ètò ìdána Yorùbá ṣàlàyé bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Èrò wa ni pé bí a ṣe to àwòrán tẹ̀ léra ni ó ń sọ ìtàn. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú kò ju pé kí ó sọ ohun tí kámẹ́rà kò lè rí. Nítorí náà, bí ètò bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì kò lè tún un ṣe. Ibi tí èyí ti léwu jù ni ojú owó orí, níbi tí àwòrán kan tó sọnù ti lè sọ baba ìyàwó di ẹni tó ta ọmọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń jókòó sí

Àyè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Instagram fi sílẹ̀ fún gbogbo ọ̀wọ́ àwòrán. Kò sí àyè ọ̀tọ̀ fún àwòrán kẹta tàbí ìkẹjọ. Ayàwòrán tó bá fẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ara àwòrán náà kí ó tó gbé e jáde. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ti di ara àwòrán. A kò lè tún un kọ láìpààrọ̀ àwòrán fúnra rẹ̀, olùwádìí kò sì lè rí i bí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ayàwòrán tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà kọ sí àyè ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ní títẹ̀lé nọ́ńbà àwòrán.

Ìrísí àwòrán náà ní òfin tirẹ̀. Ìrísí tí a bá yàn fún àwòrán kìíní ni ó ń di ti gbogbo wọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò ga ju bí ó ṣe fẹ̀ lọ: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1080, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 1350. Ibi ìdọ̀bálẹ̀ ni èyí ti ń fa ìṣòro jù. Bí ayàwòrán bá dúró níwájú ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, àwọn tó wà létí ìlà yóò bọ́ síta nígbà tí a bá gé àwòrán náà. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ó lọ dúró sí orí ìlà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìlà àwọn tó dọ̀bálẹ̀ lè máa lọ sẹ́yìn nínú àwòrán dípò kí ó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìdána kan ní ìlú Ìbàdàn. Ayàwòrán ti ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán. Lóòótọ́, ó lè gbé ogún jáde, ṣùgbọ́n ó pinnu láti lo mẹ́wàá. Ètò tí a dábàá nìyí. Ohun tó wà nínú àwòrán ni a kọ́kọ́ sọ, ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i ni ó tẹ̀ lé e.

1. Àwọn obìnrin ìdílé ọkọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí a tì: *Wọ́n dé.*
2. Alága ìjókòó na ọwọ́ sókè: *Ẹ dúró ná.*
3. Àbúrò ìyàwó ń ka ìwé ìtọrọ: *Òdòdó kan.*
4. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀: kò sí ọ̀rọ̀.
5. Iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ lórí ẹní: *Méjìlélógójì.*
6. Ìyàwó wọlé pẹ̀lú ìbòjú: *Òun nìyí.*
7. Ìyàwó gbé fìlà sí orí ọkọ: *Ó dé e.*
8. Baba ìyàwó gba àpò ìwé tí owó orí wà nínú rẹ̀: *Wọ́n gbà á.*
9. Ọwọ́ baba kan náà na àpò ìwé náà sí ìdílé ọkọ: *Wọ́n dá a padà.*
10. Ìyá ìyàwó di ìbòjú ọmọ rẹ̀ mú: *Ó dilé ọkọ.*

A kò fi àwòrán tó rẹwà jù lọ, èyí tí ọkọ àti ìyàwó ti ń rẹ́rìn-ín, ṣe àwòrán kìíní. Bí òǹwòran bá ti rí ìparí ìtàn, kò sí ìdí tí yóò fi fa àwòrán kejì wá. Ilẹ̀kùn tí a tì ń bi í ní ìbéèrè: ṣé wọn yóò ṣí i?

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó dárúkọ ohun tí ojú ń rí. A kò kọ «iṣu» sí ara àwòrán iṣu. Iye rẹ̀ ni a kọ, nítorí pé méjìlélógójì ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń béèrè, kò sì sí ẹni tí yóò dúró ka iṣu nínú àwòrán. Ìdọ̀bálẹ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ rárá, ara ni ó ń sọ ọ́. Ní ti ìwé ìtọrọ, ohùn ni kámẹ́rà kò lè gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ àṣà yìí mọ̀ pé ìdílé ọkọ sábà máa ń kọ ọ́ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà ìdílé ìyàwó. «Òdòdó kan» tó láti rán an létí gbogbo lẹ́tà náà. Nígbà tí òǹwòran bá sì dé àwòrán kẹfà, «Òun nìyí» ń dá àwòrán kẹta lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni «Wọ́n dé» àti «Ó dé e»: ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì dọ́gba ní ìró, wọ́n sì yàtọ̀ ní ìtumọ̀. Àwọn tó dé sẹ́nu ọ̀nà ni a wá dé fìlà fún ọmọ wọn. Ìfọ̀rọ̀dárà ni èyí, èdè ni ó sì fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Arọ́pò-orúkọ Yorùbá náà ń ṣèrànwọ́. «Ó» kò fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo, àwòrán ni ó ń fi hàn wá. «Wọ́n» sì lè tọ́ka sí baba nìkan fún ọ̀wọ̀, ó sì lè tọ́ka sí gbogbo ìdílé. Nínú àwòrán ìkẹsàn-án, ìtumọ̀ méjèèjì ni a nílò: ọwọ́ baba ni a rí, ṣùgbọ́n ìdílé ni ó dá owó padà.

Àwòrán kẹjọ àti ìkẹsàn-án

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, wọ́n máa ń gba owó orí, wọ́n á sì dá a padà lójú kan náà, kí ayé lè mọ̀ pé wọn kò ta ọmọ. Ìṣe kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà pín in sí méjì. Bí ayàwòrán bá yọ ìkẹsàn-án kúrò nítorí pé ojú baba kò mọ́lẹ̀ dáadáa nínú rẹ̀, tàbí tó bá fi àwòrán ijó sáàárín méjèèjì, ìtumọ̀ ti yí padà. Baba tó ń gba owó nìkan ni yóò kù lójú òǹwòran. Kò sí ọ̀rọ̀ méjì tó lè pa èyí rẹ́.

Ewu kan ṣì kù. Ẹnikẹ́ni lè gé àwòrán kẹjọ nìkan kí ó sì fi ránṣẹ́. Ààbò tó lágbára jù ni kí a lẹ àwòrán méjèèjì mọ́ra, kí gbígbà wà lókè, kí ìdápadà wà nísàlẹ̀, kí méjèèjì sì di àwòrán kan. Ọ̀wọ́ náà á di mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a pàdánù.

Òdìkejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìdílé mìíràn a máa gba owó náà láìdá a padà, ayàwòrán tó bá ti mọ ètò yìí sórí lè wá fi àwòrán tó jọ ìdápadà sí i. Irọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ètò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Àmì ohùn nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú

Nínú ìpínrọ̀ gígùn, òǹkàwé lè fi àwọn ọ̀rọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ kan ká mọ ohùn rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ méjì, kò sí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ àmì kúrò, «Òdòdó kan» lè di «Òdodo kan». «Wọ́n gbà á» lè di «Wọ́n gbá a», bí ẹni pé a na ẹnì kan. Èyí tó burú jù ni «Ó dé e», tó lè di «Ó dè é», bí ẹni pé ìyàwó fi okùn de ọkọ.

Ohun tó ń fa àìsí àmì kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Ní Unicode, lẹ́tà «ọ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n «ọ̀» àti «ọ́» kò ní. A gbọ́dọ̀ to àmì ohùn, U+0300 tàbí U+0301, lé lẹ́tà náà lórí. Ọ̀pọ̀ ìrísí lẹ́tà ẹlẹ́wà tí àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó fẹ́ràn kò mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì báyìí. A ó mọ̀ bí àmì bá fò sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, bí àpótí kékeré bá yọ dípò rẹ̀, tàbí bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Kí a tó yan ìrísí lẹ́tà, kí a kọ́kọ́ tẹ ìlà yìí:

```
Ọ̀ ọ́ Ẹ̀ ẹ́ Ṣ ṣ ǹ
```

Noto Serif àti Charis SIL gbé gbogbo rẹ̀ láìsí àṣìṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà yẹ irú ọ̀wọ́ àwòrán bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó jáde. Èkíní, kí a fi àwòrán nìkan han ẹni tí kò sí níbi ìdána náà, kí ó sì sọ ìtàn tó rí. Bí ó bá ṣi ìtàn sọ nítorí pé àwòrán kan kò sí ní ipò rẹ̀, ètò ni a ó tún ṣe. Bí ohùn, iye tàbí orúkọ bá jẹ́ ohun tó ṣókùnkùn sí i, ibẹ̀ ni a ó kọ ọ̀rọ̀ sí. Èkejì, kí a bo àwòrán, kí a ka ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ nìkan bá ti sọ ìtàn tán, a ti sọ ọ̀rọ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tó bá ka «Ó dé e» láìrí fìlà kò lè mọ ohun tí a ń wí, ẹni tó bá sì rí fìlà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.