Kí A Tó Lu Ògiri Onílé

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gbé tẹlifíṣàn kọ́ ògiri." Gbogbo ohun tí mo kọ sí onílé wa ní Ìbàdàn kò ju èyí lọ. Èsì bàbá kúrú ju tèmi lọ: "Rárá." Ìgbà tí mo lọ bá wọn jókòó ni mo tó mọ̀ pé tẹlifíṣàn kọ́ ni wọ́n kọ̀. Ayálégbé kan ti lu páìpù omi inú ògiri wọn rí. Òmíràn kó jáde, ó fi ihò ṣíṣí sílẹ̀ fún wọn.

Mo padà lọ kọ òmíràn:

"Bàbá wa, ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó. Mo tọrọ àyè láti gbé tẹlifíṣàn 43 íńṣì kọ́ ògiri pálọ̀ tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Òun àti irin tí yóò gbé e kò tó kílò 15. Ihò mẹ́rin péré ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 10, ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Kò sí balùwẹ̀ tàbí ilé ìdáná lẹ́yìn ògiri náà, kò sì sí ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì tàbí súwíìṣì lókè tàbí nísàlẹ̀ ibẹ̀. Oníṣẹ́ iná tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò ni yóò lù ú. Bí mo bá ń kó jáde, n ó dí ihò náà, n ó sì kun ògiri náà láti igun dé igun. Bí n kò bá ṣe é, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ìdógò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èsì yín sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, kí ẹ sì fọwọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe pàtàkì. Páìpù tí wáyà gbà máa ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ tààrà sínú rẹ̀, ẹni tó bá lu ògiri lókè rẹ̀ lè gún wáyà. Ìdí tí mo fi ní n ó kun gbogbo ògiri ni pé ọ̀dà tuntun kì í bá ti àtijọ́ mu. Ojú ihò tí a kùn nìkan yóò dà bí àpá.

Oníṣẹ́ náà ní láti mọ búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú. Inú búlọ́ọ̀kù wa sábà máa ń ṣófo. Bí dírílì bá já wọlé lójijì, tí ìdè sì ń yí láìfún, ihò yẹn kò lè gbé ẹrù. Kí ó dí i, kí ó wá ibòmíràn tó le, kí ó sì kọ́kọ́ sọ fún onílé, torí ihò mẹ́rin ni a tọrọ.

Ẹ má gba àṣẹ ẹnu lásán. Bí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé, ìwé yẹn nìkan ni yóò jẹ́rìí yín.

Bàbá fọwọ́ sí tèmi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ìlà kan kún un: "Kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ."