Nígbà tí iná bá lọ mọ́ dọ́ọ̀kì lọ́wọ́

Dọ́ọ̀kì ni àpótí kékeré tí mọnítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì máa ń wọ̀ sí, tí wáyà kan ṣoṣo yóò sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìjàgbó kò ní tẹ ọrùn mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́.

Ihò USB-C ni ọ̀pọ̀ dọ́ọ̀kì ń lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú ihò bẹ́ẹ̀ ló ń gbé àwòrán jáde. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń ṣiṣẹ́, tí mọnítọ̀ sì dúdú, ẹ yẹ ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá wò kí ẹ tó dá dọ́ọ̀kì lẹ́bi.

Bí ẹ bá fẹ́ pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé, ẹ wá "Choose what closing the lid does" nínú Control Panel ti Windows, kí ẹ yan "Do nothing" lábẹ́ "On battery" àti "Plugged in", kí kọ̀ǹpútà má baà sùn.

Iná ló kù, òun gan-an ló sì le jù lọ́dọ̀ wa. Bí iná bá lọ, mọnítọ̀ yóò kú, dọ́ọ̀kì tó ní ṣájà tirẹ̀ yóò kú, kíbọ́ọ̀dù yóò bá a lọ. Ẹ má ṣe bẹ̀rù: bátìrì ṣì gbé kọ̀ǹpútà dúró, iṣẹ́ yín kò sọnù. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ máa tẹ̀wé lọ. Fúláàṣì tí ẹ ń da fáìlì sí lórí dọ́ọ̀kì ni iná lè bà jẹ́. Ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ máa kì í bọ̀. Ẹni tó bá ní UPS, kí ó so dọ́ọ̀kì àti mọnítọ̀ mọ́ ọn títí wọn yóò fi tan jẹnẹrétọ̀.