Ìdí tí owó tó ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kì í fi í tó èyí tí wọ́n kéde

Ìyá kan ní Òkukù lè gbọ́ pé ọmọ òun ríṣẹ́ sí Ìkìrun, iṣẹ́ olówó N1,800,000 lọ́dún. Kíá ni ìyá á pín in sí ọ̀nà 12: N150,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù parí, N119,000 lọmọ gbà. Ìyá á bi í pé: "Kí lo fi N31,000 tó kù ṣe?" Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ yìí ṣe àpẹẹrẹ, kí ìjà má baà wọlé.

Àkọ́kọ́, àròpọ̀ ni owó tí wọ́n kéde. Owó oṣù gan-an wà nínú rẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ owó ìsinmi ọdọọdún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní N120,000 ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń san án. Ohun tó kù fún oṣù kọ̀ọ̀kan wá di N140,000.

Ìkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ náírà 8 nínú 100 owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ N1,500,000 lọ́dún, N10,000 ni wọn yóò máa yọ lóṣù. Owó yìí kò sọnù o. Ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi náírà 10 nínú 100 kún un, ìyẹn N12,500, kó sì wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ọmọ náà.

Ìkẹta ni owó orí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, N800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. N2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san náírà 15 nínú 100. Bí a bá yọ owó ìfẹ̀yìntì, N120,000, kúrò nínú N1,800,000, tí a tún yọ N800,000, N880,000 ló kù. Owó orí rẹ̀ jẹ́ N132,000 lọ́dún, N11,000 lóṣù. Ibi tí N119,000 ti wá nìyẹn.

Bí ọmọ náà bá háyà ilé N200,000 lọ́dún ní Ìnísà, òfin gbà kí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, N40,000, kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Èyí á dín N6,000 kù lọ́dún. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì ilé lọ fún ọ́fíìsì rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ la ojú sí ni owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn ọ̀gá kan ń yọ ọ́, wọn kì í san án síbi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ òfin fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn owó oṣù. Kí ọmọ béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí kò bá rí N22,500 fún oṣù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Àjọ PenCom ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.