Eyín inú fọ́tò: ẹ má sọ ọ́ di eérú

Ẹ wo fọ́tò ẹni tó ń rẹ́rìn-ín: bí eyín bá ti dà bí eérú, wọ́n ti fa àwọ̀ rẹ̀ tán ni. Eyín kì í funfun bíi bébà, ó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ nínú.

Ká ní inú ṣọ́ọ̀bù ní Díóbù la ti ya fọ́tò yẹn, lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n. Ẹ ṣí i nínú Snapseed. White Balance lẹ máa kọ́kọ́ lò, torí gbogbo ojú ló pọ́n, kì í ṣe eyín nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Selective, ẹ tẹ eyín, kí ẹ fi ìka méjì dín ibi tó pupa kù kó má baà kan ètè. Ẹ gbé Saturation sí -30, Brightness sí +10, kí ẹ máa wò ó bọ̀.

Ẹ wá wo funfun ojú ẹni náà. Bí eyín bá mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó ti pọ̀ jù, ẹ dín Brightness kù. Bó bá ṣú bí eérú, ẹ dá Saturation padà díẹ̀.