Ọkàn àti Ìfun Ọlẹ̀: Ọ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Ń Dá àti Àbùkù Tí Ó Lè Tẹ̀lé e

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka ọjọ́ orí oyún. Ilé ìwòsàn ń kà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn. Àwọn tí ń kọ́ nípa bí ọlẹ̀ ṣe ń dá ń kà á láti ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ni ó wà láàárín méjèèjì. Nínú ìwé yìí, “ọ̀sẹ̀ oyún” jẹ́ kíkà ti ilé ìwòsàn, “ọ̀sẹ̀ ọlẹ̀” sì jẹ́ èkejì. Àṣìṣe púpọ̀ ń wáyé níbi tí wọ́n bá ti da méjèèjì pọ̀.

Ọkàn

Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 ọlẹ̀, ọkàn ṣì dà bí ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó ní ihò nínú, ṣùgbọ́n ó ti ń lù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ọ̀pá náà tẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti ya apá ọ̀tún kúrò lára apá òsì. Ògiri tí ó wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì ń parí ní nǹkan bí òpin ọ̀sẹ̀ 7. Bí kò bá parí, ihò yóò kù sí i.

Ìfun

Ní àkókò kan náà, ìfun ń gùn ju àyè tí ó wà nínú ikùn lọ, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ti gba ibi púpọ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ 6 ọlẹ̀, ìfun àárín yọ wọ inú ìwọ́. Èyí kì í ṣe àrùn. Ibẹ̀ ni ó ti ń gùn sí i, tí ó sì ń yí po iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, fún dígírì 90. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, ó padà sínú ikùn, ó tún yí dígírì 180, lẹ́yìn náà ó so mọ́ ògiri ẹ̀yìn ikùn.

Bí àpẹẹrẹ, obìnrin kan ṣe síkáànù nígbà tí oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 11, wọ́n sì rí ìfun ọmọ nínú ìwọ́. Ọ̀sẹ̀ 9 ni ọlẹ̀ náà. Ìfun rẹ̀ kò tíì pẹ́ níta. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n tún síkáànù náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ oyún 13, kí wọ́n má sì kọ àbùkù sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá wà nínú ohun tí ó yọ náà, àbùkù ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀ kì í jáde rárá.

Nígbà tí ìfun kò bá padà

Ọmọ tí ìfun rẹ̀ kò padà ni a ń bí pẹ̀lú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìdí ìwọ́, ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìfun tí ó gba ihò kan jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ní apá ọ̀tún ìwọ́, tí kò sí ohunkóhun tí ó bò ó. Irú kejì yìí sábà máa ń dá wà. Irú àkọ́kọ́, tí ó ní àpò, sábà máa ń bá àbùkù ọkàn rìn. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọkàn pẹ̀lú síkáànù fi pọn dandan fún ọmọ tí ó ní àpò. Fífi etí gbọ́ nìkan kò tó: ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ipá ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ṣì ga, ihò inú ọkàn sì lè má dún.

Bí àpò náà bá kéré, ó lè dà bí ìwọ́ tí ó kàn wú. Agbẹ̀bí tí ó bá di ìwọ́ náà mọ́ ìdí lè di ìfun pọ̀ mọ́ ọn. Kí ó dì í ní ibi tí ó jìnnà sí wíwú náà, kí ó fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bo àpò náà, kí ó fi ọ̀rá mímọ́ wé e, kí ó mú kí ara ọmọ móoru, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí oníṣẹ́ abẹ wà.

Nígbà tí ìfun padà ṣùgbọ́n tí kò yí pé

Àbùkù yìí kì í hàn sí ojú. Ìfun kò so mọ́ ògiri dáadáa, ó sì lè lọ́ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí okùn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí kò tíì pé oṣù 1. Ọmọ náà lè ti ń mu ọyàn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó tó bì. Àwọ̀ èébì náà ni àmì: ewé tútù, nítorí òróòro. Ikùn lè rọ̀, kí ó má sì wú ní wákàtí àkọ́kọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé ara ọmọ le. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìfun ti máa kú. Ọmọ tuntun tí ó bá bì ohun aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ náà gan-an, láìdúró de ọjọ́ kejì láti wò bóyá yóò dáwọ́ dúró.